Bí a ṣe ń fi ọwọ́ ṣe ọ̀nà Euler, àti bí a ṣe ń mọ ibi tí ìdáhùn wa jìnnà sí òótọ́ dé

Àwọn ọmọ tí mò ń bá ṣe tùtóríà níbí l'Ákùúrẹ́, fọ́múlà Euler, tá a fi ń ṣírò nǹkan tó ń yí padà ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀, kì í yọ wọ́n lẹ́nu, kí n tó dé ni wọ́n á ti há a sórí. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ìlà tó kẹ́yìn nínú ìbéèrè, èyí tó ní kẹ́ ẹ sọ iye àṣìṣe tó wà nínú ìdáhùn yín. Ẹlòmíì á fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, ẹlòmíì á kọ fọ́múlà gígùn kan síbẹ̀ tí ò lè ṣàlàyé. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ ká jókòó sí lónìí, torí nọ́ńbà tẹ́ ò mọ bó ṣe jìnnà sí òótọ́ tó, ẹ ò tíì lè fi ṣe nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká mú tánkì omi kan. Ẹni tó bá ń gbé hósítẹ́ẹ̀lì lágbègbè Sáúùtù Géètì FUTA mọ irú rẹ̀ dáadáa, tánkì onírọ́bà dúdú tí wọ́n gbé sórí dẹ́kì, tí táàpù rẹ̀ wà lára tánkì fúnra rẹ̀ nísàlẹ̀. Wọ́n ti mú iná lọ, kò séèyàn tó lè fa omi sókè, ẹnì kan wá ṣí táàpù sílẹ̀ kó tó jáde. Látorí ihò táàpù dé ojú omi jẹ́ mítà 1.44. Ìbéèrè wa ni pé, tí wákàtí kan bá fi kọjá kí wọ́n tó rí i, èló ló máa kù lókè ihò yẹn? Ẹ fi sọ́kàn pé látorí ihò táàpù la ti ń wọn ọ́n o, kì í ṣe látìsàlẹ̀ tánkì, torí omi tó wà nísàlẹ̀ ihò ò lè gba ibẹ̀ jáde.

Evangelista Torricelli, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ti tẹ̀ ẹ́ jáde láti 1644 pé bí omi ṣe ń yára jáde nínú ihò ń tẹ̀lé sikúẹ̀ rúùtù gíga omi tó wà lókè ihò náà. Tánkì tó kún á tú jáde fìà, èyí tó ti fẹ́ẹ̀ tán á máa rọra sàn. Tá a bá pe gíga omi ní y, tá a fi t ka ìṣẹ́jú, ohun tá a ní rèé:

```
y' = -k*sqrt(y)      y(0) = 1.44
```

Ìlà yìí sọ ìyára tí omi fi ń lọ sílẹ̀, ó sì sọ ibi tá a ti bẹ̀rẹ̀, kò sọ iye tí y máa jẹ́ lẹ́yìn 60 ìṣẹ́jú. Iṣẹ́ tiwa nìyẹn.

Ó ku k. Ó so mọ́ bí tánkì ṣe fẹ̀ tó àti bí ẹnu táàpù ṣe tóbi tó, ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ ti igi gígùn kan bọ inú tánkì, ẹ sàmì sí ojú omi, kẹ́ ẹ wo aago fóònù, kẹ́ ẹ tún padà wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5. Ká ní omi ti lọ sílẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 12. Ìyẹn jẹ́ mítà 0.12 ní ìṣẹ́jú 5, tó jẹ́ 0.024 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Sikúẹ̀ rúùtù 1.44 jẹ́ 1.2, ẹ pín 0.024 sí 1.2, k di 0.02.

Ó yá, ká bẹ̀rẹ̀. Nǹkan tí Euler sọ kò le rárá, ó wà nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1768. Ẹ wo ìyára tẹ́ ẹ ní báyìí, ẹ ṣe bí ẹni pé ìyára yẹn ò ní yí padà fún ìwọ̀nba àkókò kan tá a máa pè ní h, ẹ bá a lọ dé ibẹ̀, tẹ́ ẹ bá débẹ̀ ẹ dúró, ẹ tún ìyára ṣírò pẹ̀lú gíga omi tuntun, ẹ tún tẹ̀síwájú.

```
y_tuntun = y_báyìí + h * y'(báyìí)
```

Ẹ jẹ́ ká fi h = 20 bẹ̀rẹ̀, ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré la máa gbé dé 60. Níwọ̀n ìgbà tí k*h jẹ́ 0.02 × 20 = 0.4, ohun tá a máa ń yọ nígbà kọ̀ọ̀kan ni 0.4 × sikúẹ̀ rúùtù y. Ẹ kọ 0.4 yẹn sókè ìwé yín kẹ́ ẹ má bàa máa tún un ṣírò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: sikúẹ̀ rúùtù 1.44 ni 1.2, 0.4 lọ́nà 1.2 jẹ́ 0.48, 1.44 yọ 0.48 ku 0.96. A ti dé ìṣẹ́jú 20.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi 1.44 sílẹ̀ o, 0.96 là ń lò báyìí. Sikúẹ̀ rúùtù rẹ̀ jẹ́ 0.9798, 0.4 lọ́nà ìyẹn jẹ́ 0.3919, ó ku 0.5681. Ìṣẹ́jú 40 nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: sikúẹ̀ rúùtù 0.5681 jẹ́ 0.7537, ẹ yọ 0.3015, ó ku 0.2666.

Nípa ti h = 20, omi tó kù lẹ́yìn wákàtí kan jẹ́ mítà 0.2666. Ṣé ká gbà á gbọ́? Ká tó fọwọ́ kan fọ́múlà àṣìṣe kankan, ohun kan wà tá a ti lè mọ̀: ìdáhùn yìí kéré ju òótọ́ lọ. Nígbà tá a ṣe bí ẹni pé ìyára ìbẹ̀rẹ̀ ò yí padà fún 20 ìṣẹ́jú, omi gidi ti ń dẹwọ́ díẹ̀díẹ̀ láàárín 20 ìṣẹ́jú yẹn torí gíga rẹ̀ ń dínkù, àwa ò bá a dẹwọ́. A ti yọ omi tó pọ̀ jù. Ẹ máa kọ́kọ́ bi ara yín ní ìbéèrè yìí ṣáájú gbogbo nǹkan, ṣé ìyára yẹn ń dínkù ni àbí ó ń pọ̀ sí i, torí ó máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ apá ibi tí òótọ́ wà.

Báyìí ẹ gé ìgbésẹ̀ sí méjì, h = 10, kẹ́ ẹ tún gbogbo ẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tá a máa máa yọ ti di 0.2 × sikúẹ̀ rúùtù y. Mi ò ní kọ gbogbo ẹ̀ lálàyé, ẹ gbé kakulétọ̀ yín kẹ́ ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò:

```
 t      y       sqrt(y)   yọ
 0    1.4400   1.2000   0.2400
10    1.2000   1.0954   0.2191
20    0.9809   0.9904   0.1981
30    0.7828   0.8848   0.1770
40    0.6059   0.7784   0.1557
50    0.4502   0.6710   0.1342
60    0.3160
```

A ti ní ìdáhùn méjì sí ìbéèrè kan náà, 0.2666 àti 0.3160. Inú ìyàtọ̀ àárín wọn ni àṣìṣe tá à ń wá wà. Pẹ̀lú ọ̀nà Euler, tẹ́ ẹ bá gé ìgbésẹ̀ sí ìdajì, àṣìṣe náà máa ń dínkù sí bí ìdajì. Ká ní àṣìṣe h = 20 jẹ́ naira méjì, ti h = 10 á jẹ́ bíi naira kan, ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì á jẹ́ naira kan, tó túmọ̀ sí pé ìyàtọ̀ yẹn tó àṣìṣe tó ṣì kù nínú ìdáhùn kejì gẹ́lẹ́. Torí náà:

```
0.3160 - 0.2666 = 0.0494
```

Àṣìṣe tó wà nínú 0.3160 jẹ́ nǹkan bíi 0.0494, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 5. A sì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé a wà nísàlẹ̀ òótọ́, ẹ lè wá fi kún un: 0.3160 + 0.0494 = 0.3654. Èyí sàn ju ìdáhùn méjèèjì tá a fọwọ́ ṣe lọ, kò sì ná wa ju ìyọkúrò kan àti àròpọ̀ kan.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú ìkúéṣọ̀n yìí torí ó ní ìdáhùn pípé, ká lè yẹ ara wa wò. Sikúẹ̀ rúùtù y jẹ́ 1.2 yọ 0.01t. Tí t bá jẹ́ 60 ó di 0.6, y wá jẹ́ 0.36 gééré. Nítorí náà àṣìṣe gidi inú 0.3160 jẹ́ 0.0440, àwa sọ pé 0.0494. Ó sún mọ́ ọn gan-an fún ẹni tí ò tíì rí ìdáhùn. Kò ṣe gẹ́lẹ́ nítorí pé àṣìṣe ò dínkù sí ìdajì gan-an, 0.0934 ni ti h = 20, ẹ pín in sí 0.0440 ẹ máa rí 2.12 dípò 2.

Nínú iṣẹ́ gidi kò sẹ́ni tó máa fún yín ní 0.36 yẹn o. Báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìdajì yìí ń ṣẹlẹ̀ nínú tiyín? Ẹ gé ìgbésẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ṣe é pẹ̀lú h = 5, ìgbésẹ̀ 12, mo rí 0.3386. Ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ 0.0494, ti ẹ̀ẹ̀kejì 0.3386 yọ 0.3160 jẹ́ 0.0226. Ẹ pín wọn síra, ó jẹ́ bíi 2.19. Tí nọ́ńbà yìí bá wà nítòsí 2, ẹ lè fọkàn tán ìṣirò àṣìṣe yín. Tó bá jẹ́ 5 tàbí 0.7, ó lè jẹ́ pé ẹ ti ṣi nǹkan tẹ̀ níbì kan lórí kakulétọ̀ (èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé èèyàn gbàgbé láti fi y tuntun rọ́pò ti àtijọ́), ó sì lè jẹ́ pé h ṣì tóbi jù fún ìkúéṣọ̀n náà. Àyẹ̀wò yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí torí kò bi yín léèrè ìdáhùn pípé kankan.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé gan-an. Ní ìṣẹ́jú 20 a rí 0.96, òótọ́ ni 1.00, a ti ṣì í ní 0.04 nínú ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹ lè rí 0.04 yìí ṣáájú: àṣìṣe ìgbésẹ̀ kan jẹ́ ìdajì h lọ́nà h, ẹ fi ìyára tí ìyára fúnra rẹ̀ fi ń yí padà lọ́po rẹ̀, èyí tá a máa ń kọ ní y''. Fún tánkì yìí y'' jẹ́ k lọ́nà k pín sí 2, tó jẹ́ 0.0002, kì í sì í yí padà títí omi fi máa tán.

```
20*20/2 * 0.0002 = 0.04
10*10/2 * 0.0002 = 0.01
```

Nígbà tẹ́ ẹ gé h sí ìdajì, àṣìṣe ìgbésẹ̀ kan di ìdá mẹ́rin, ṣùgbọ́n iye ìgbésẹ̀ ti di ìlọ́po méjì, ìdí nìyẹn tí àpapọ̀ fi ń bọ̀ sí ìdajì.

Ọmọbìnrin kan wá bi mí léèrè nídìí èyí, ó ní, "Bọ̀dá, ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ́nà 0.04 ṣe bí 0.12 ló yẹ kó jẹ́, kí ló dé tá a rí 0.0934?" Ìbéèrè gidi. Mo ní kó wo ìgbésẹ̀ kejì dáadáa. Nígbà tá a dé ìṣẹ́jú 20, omi tiwa wà ní 0.96, ti òótọ́ wà ní 1.00. Torí pé tiwa kéré, ìyára tá a ṣírò fún un náà kéré, a yọ 0.3919 níbi tá a bá ti yọ 0.4 ká ní 1.00 la wà. Tánkì fúnra rẹ̀ ti bá wa dá díẹ̀ padà nínú àṣìṣe àtijọ́. Àwọn ìkúéṣọ̀n kan máa ń ṣe báyìí, wọ́n á máa jẹ àṣìṣe àtijọ́ kù. Àwọn mìíràn, bíi owó tó ń bí èlé lórí èlé, máa ń bọ́ àṣìṣe àtijọ́ kó máa sanra, níbẹ̀ ẹ máa rí ju àròpọ̀ lọ.

Fọ́múlà gígùn tí wọ́n máa ń kọ sí pátákó ò mọ̀yàtọ̀ méjèèjì yìí, ó máa ń ṣe bí ẹni pé àṣìṣe ń sanra nígbà gbogbo. Òun rèé:

```
àṣìṣe <= (h*M/(2*L)) * (e^(L*t) - 1)
```

M ni y'' tó tóbi jù, 0.0002. L ni bí ìyára ṣe ń yí padà tó tí y bá yí padà díẹ̀, fún tiwa ó jẹ́ 0.01 pín sí sikúẹ̀ rúùtù y. Ibi tí y ti kéré jù ni L ti tóbi jù, tá a bá ní y ò ní lọ sísàlẹ̀ 0.25 nínú wákàtí yẹn, L jẹ́ 0.02. Pẹ̀lú h = 20 ó fún wa ní 0.1 lọ́nà 2.32, ìyẹn 0.232. Irọ́ kọ́, àṣìṣe wa ò kọjá ibẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ju ìlọ́po méjì 0.0934 lọ. Tí ìbéèrè bá ní kẹ́ ẹ sọ ibi tí àṣìṣe ò lè kọjá, òun ni kẹ́ ẹ lò. Tó bá ní kẹ́ ẹ sọ bí àṣìṣe ṣe tó, gígé ìgbésẹ̀ ló máa sún mọ́ ọn jù.

Ibi tó léwu jù báyìí ni ìsàlẹ̀ tánkì. Ẹ jẹ́ ká máa bá h = 20 lọ lẹ́yìn 60. Láti 0.2666, a yọ 0.2065, ó ku 0.0601 ní ìṣẹ́jú 80. Sikúẹ̀ rúùtù ìyẹn jẹ́ 0.2451, ẹ yọ 0.0980, a wá rí máínọ́ọ̀sì 0.0379 ní ìṣẹ́jú 100. Omi ti lọ sísàlẹ̀ ihò tó ń gbà jáde! Òótọ́ ni pé 0.04 ló yẹ kó kù lásìkò yẹn, ìṣẹ́jú 120 ló sì tó máa dé ojú ihò. Tẹ́ ẹ bá tún gbìyànjú ìgbésẹ̀ kan sí i, kakulétọ̀ á kọ `Math ERROR` síwájú yín torí sikúẹ̀ rúùtù nọ́ńbà onímáínọ́ọ̀sì lẹ ní kó wá. Kò sí nǹkan tó ṣe kakulétọ̀ yín o, h ló tóbi jù fún omi tó kù.

Ẹ lè rí i kó tó ṣẹlẹ̀. Ohun tá à ń yọ ni 0.02 × h × sikúẹ̀ rúùtù y, ó máa ju y fúnra rẹ̀ lọ nígbà tí sikúẹ̀ rúùtù y bá kéré ju 0.02 × h. Fún h = 20 ìyẹn jẹ́ 0.4, torí náà nígbàkígbà tí y bá ti bọ́ sísàlẹ̀ 0.16 ẹ ò gbọdọ̀ gbé ìgbésẹ̀ 20 mọ́. Fún h = 10, 0.04 ni ààlà. Èmi ò kì í dúró de ààlà yẹn, tí mo bá rí i pé ohun tí mo fẹ́ yọ ti ju ìdajì ohun tó kù lọ, mo máa ń gé h níbẹ̀. L tá a lò lókè náà ń sọ ohun kan náà, bí y ṣe ń sún mọ́ òdo ni L ń lọ sókè tí ò lópin, fọ́múlà àṣìṣe ò wá ní lè ṣèlérí nǹkan kan mọ́.

Nípa kíkọ nọ́ńbà sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ó kéré tán nọ́ńbà mẹ́rin lẹ́yìn pọ́íǹtì títí dé ìparí. Mo mọ̀ pé ìdáhùn bíi 0.32 àti 0.34 dùn ún wò, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì la fẹ́ fi mọ àṣìṣe. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ 0.02, tó sì jẹ́ pé ohun tẹ́ ẹ gé dànù lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè tó 0.005, tó túmọ̀ sí pé ìdajì àṣìṣe tẹ́ ẹ fẹ́ sọ lè jẹ́ ti gígé yẹn nìkan. Ìparí pátápátá lẹ tó máa gé e: "omi tó kù jẹ́ nǹkan bíi mítà 0.36, láti ara 0.3386 tá a rí pẹ̀lú h = 5, tí àṣìṣe rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 0.023 sísàlẹ̀." Ìlà báyìí ni mo máa ń fún ní máàkì pípé.

Ó ku irú tánkì kejì, torí ó pọ̀ nílé wa níbí, èyí tí páìpù ti sọ̀kalẹ̀ látorí dẹ́kì wá sí táàpù nílẹ̀. Ká ní táàpù fi mítà 1.5 wà nísàlẹ̀ ihò tánkì, gíga tó ń ti omi jáde ti di y + 1.5, ìkúéṣọ̀n á yí sí `y' = -k*sqrt(y + 1.5)`, k náà á yàtọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ tún un wọ̀n. Gbogbo ìgbésẹ̀ tá a ṣe ṣì dúró bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n omi ò ní dẹwọ́ púpọ̀ nígbà tó bá fẹ́ tán, kakulétọ̀ náà ò ní pariwo nígbà tí y bá di máínọ́ọ̀sì, torí 1.5 yẹn máa bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbọ́dọ̀ máa wo y ní ìlà kọ̀ọ̀kan, bó bá ti fẹ́ kọjá òdo ẹ dúró, ẹ gé ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn kó lè parí sórí òdo, kẹ́ ẹ sì kọ ìṣẹ́jú tó jẹ́ sílẹ̀.